Ó ń wo sítátọ́ọ̀sì mi, kò dá mi lóhùn

«Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀sẹ̀ méje ni èmi àti ọkùnrin kan fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀ láàárọ̀ lálẹ́. Èmi kì í tètè finú han èèyàn, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Àìkú kan mo sọ fún un pé mo ti lọ́kọ rí, a sì ti kọ ara wa. Kò yí ojú padà. Ó pè mí lọ́jọ́ Ajé, a tún sọ̀rọ̀ pẹ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Láti Ọjọ́bọ̀, kò dáhùn mọ́. Ọjọ́ 19 rèé. Mo ti kọ ìwé mẹ́fà sí i lórí WhatsApp, ó kà á, ó sì ń wo sítátọ́ọ̀sì mi. Ṣé ohun tí mo sọ ló lé e lọ? Ṣé kí n tún kọ̀wé sí i? Mi ò mọ̀ bóyá kí n bínú ni tàbí kí n máa ṣàníyàn.»

Àbúrò mi, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú àníyàn kúrò nílẹ̀, torí òun ló ń mú ọ kọ̀wé léraléra. Máàkì kan lórí WhatsApp ń sọ pé ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́dọ̀ rẹ, kò tíì dé orí fóònù ẹni náà. Méjì aláwọ̀ eérú, ó ti dé. Tí méjèèjì bá di búlúù, ó ti ṣí i. Tó bá jẹ́ máàkì kan ṣoṣo lò ń rí láti ọjọ́ yìí wá, mi ò ní lè sọ ohunkóhun: fóònù lè bàjẹ́, ó lè sọnù, ó sì lè jẹ́ pé ó ti bulọ́ọ̀kù rẹ. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni mo máa ní kó bi ojúlùmọ̀ wọn kan léèrè, ẹ̀ẹ̀kan péré, pé ṣé àlàáfíà ni. Tìrẹ kò rí bẹ́ẹ̀. Fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń tẹ̀ ẹ́. Lóòótọ́, ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ tàbí tí ara rẹ̀ kò yá lè máa wo fóònù láìní agbára àtisọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n «mo wà, má bínú, n ó pè ọ́» kò gba ìṣẹ́jú kan, ọjọ́ 19 sì pọ̀ jù fún un.

Ní ti ohun tó o sọ, mú ìwé àti bírò. Padà sí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ṣáájú ọjọ́ Àìkú yẹn, kó o kọ nǹkan mẹ́ta sílẹ̀ fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan: ta ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, báwo ló ṣe pẹ́ tó kó tó fèsì, ṣé ó bi ọ́ ní ìbéèrè kankan nípa ara rẹ. Àkókò ni kó o máa wò. Má ka ọ̀rọ̀ dídùn inú rẹ̀, torí tó o bá bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, ẹkún ni wàá fi parí rẹ̀. Tó o bá rí i pé èsì tó ń dé láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ti ń gba ìdajì ọjọ́ kó o tó sọ ohunkóhun, tí ìwọ nìkan sì ti ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, a jẹ́ pé ẹni tó ti ń múra àtilọ lo finú hàn. Tó bá gbóná títí di ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó wá já lójijì, ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó rẹ wà níbẹ̀. Ó sì lè jẹ́ ohun mìíràn tó ṣẹlẹ̀ sí i lọ́jọ́ Ọjọ́rú. Ìwé yẹn lè sọ ìgbà tó yí padà fún ọ, kò lè sọ ìdí rẹ̀. Ká tiẹ̀ ní òun ni: ọkùnrin tí irú ọ̀rọ̀ yìí máa lé sá, ì bá sá ní ọ̀sẹ̀ keje tàbí ní oṣù keje. Ọ̀rọ̀ tí kò ṣeé fi pamọ́ fún ẹni tí èèyàn fẹ́ bá gbé ni.

Ohun tó ń da ọkàn rẹ rú gan-an ni pé kò sí ibi tí ọ̀rọ̀ yìí parí sí. Ẹni tó bá sọ pé òun ò ṣe mọ́, wàá sunkún, wàá sì mọ ohun tí ò ń sunkún sí. Pauline Boss, onímọ̀ nípa ẹbí ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣèwádìí irú àdánù tí kò lópin yìí láàárín ọdún 1970 sí 1979, lọ́dọ̀ ìdílé àwọn ọmọ ogun tó sọnù nínú ogun Fiẹtináàmù. Tìrẹ kò wúwo tó tiwọn, àmọ́ ìdí kan náà ni ìbànújẹ́ kò fi rí ibi gúnlẹ̀ sí: kò sí ẹni tó sọ pé ó ti parí.

Sítátọ́ọ̀sì ló tún wá ń mú un burú sí i. B. F. Skinner, onímọ̀ nípa ìhùwàsí ní Amẹ́ríkà, fi ẹyẹlé àti eku hàn pé ẹranko tó ń rí oúnjẹ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, láìmọ ìgbà tó máa dé, máa ń pẹ́ kó tó ṣíwọ́ títẹ bọ́tìnì lẹ́yìn tí oúnjẹ bá tán, ju èyí tó ń rí i déédéé lọ. Orúkọ ọkùnrin yẹn tó ń yọ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan lára àwọn tó wo sítátọ́ọ̀sì rẹ ni oúnjẹ tìrẹ. Ó sì lè má túmọ̀ sí nǹkan kan: téèyàn bá ṣí sítátọ́ọ̀sì ẹnì kan, WhatsApp á máa yí lọ sórí ti ẹlòmíì fúnra rẹ̀, orúkọ rẹ̀ á sì wọlé sínú àwọn tó wò ó.

O lè kọ ọ̀kan sí i, kì í ṣe láti bi í ní nǹkan, láti ti ilẹ̀kùn ni. Báyìí: «Ọjọ́ mọ́kàndínlógún rèé tí o kò ti dá mi lóhùn. Mo gbà pé o ò fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀ mọ́, èmi náà á dá a dúró síbí. Jọ̀ọ́, jẹ́ kí ohun tí mo sọ fún ọ nípa ìgbéyàwó mi wà láàárín wa.» Kò sí ìbéèrè nínú rẹ̀, torí «kí ni mo ṣe?» ń sọ ọ́ di adájọ́ rẹ. Kò sí èébú, torí èébú á fún un ní àwáwí. Kọ ọ́ sílẹ̀ lálẹ́, fi ránṣẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Gbàrà tó bá lọ, tẹ ìjíròrò yín mọ́lẹ̀, yan `Archive`. Lẹ́yìn náà, lọ sí `Settings`, `Privacy`, `Status`, kó o yan `My contacts except...`, kó o sì mú orúkọ rẹ̀. Tó o bá rí i pé o tún ń lọ ṣí ìjíròrò náà, bulọ́ọ̀kù rẹ̀ láìjáfara.

Má fipá lé èrò rẹ̀ lọ. Lọ́dún 1987, Daniel Wegner, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, sọ fún àwọn èèyàn pé kí wọ́n má ronú nípa béárì funfun. Wọn ò lè ṣe é, ó sì tún pọ̀ sí i lọ́kàn wọn nígbà tó wá gbà wọ́n láyè. Fún èrò ọkùnrin yẹn ní ìṣẹ́jú 15 lójúmọ́, nígbà kan náà, kó má sún mọ́ àkókò oorun. Kọ ohun tó bá wá sọ́kàn sílẹ̀, kó o dìde. Tó bá jẹ́ pé o kò lè sùn tàbí jẹun fún ọ̀sẹ̀ méjì, lọ rí dókítà.

Irú wọn máa ń padà, pẹ̀lú «ó tójọ́ mẹ́ta o» bíi pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Má fèsì lọ́jọ́ náà. Lọ́jọ́ kejì, bi í ní ẹyọ kan: kí ló ṣẹlẹ̀ láti Ọjọ́bọ̀ yẹn? Ẹni tó fẹ́ tún un ṣe á sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, á sì sọ ohun tó ṣe sí ọ láìjẹ́ pé o fà á jáde lẹ́nu rẹ̀. Tó bá jẹ́ «ọwọ́ mi dí ni» ló sọ, o ti rí èsì gbà, kò sì pọn dandan kó o kọ òmíràn.