Lẹ́tà tó ń bá gàrí àtọ́wò lọ sọ́dọ̀ alágbàtà

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Gàrí Ìjẹ̀bú ni mò ń yan, mo sì ń dì í sí ọ̀rá kílò kọ̀ọ̀kan. Ìyá kan tó ń pín oúnjẹ fún àwọn ṣọ́ọ̀bù n'Ìbàdàn ní kí n fi díẹ̀ ránṣẹ́ kí àwọn tọ́ ọ wò. Kí ni kí n kọ sínú lẹ́tà tó máa bá a lọ? Mi ò fẹ́ kí wọ́n mu gàrí mi tán kí wọ́n má dá mi lóhùn."

Gàrí tí kò bá ní lẹ́tà nínú, ilé ìdáná ni í gbà lọ. Mo ti fi gàrí àtọ́wò ránṣẹ́ sí Ìbàdàn àti Èkó lọ́pọ̀ ìgbà. Alágbàtà tí ẹ kò bá sọ ohun tó máa dán wò fún, á bu díẹ̀ sómi, á mu ún, á ní "ó dáa o", ọ̀rọ̀ sì ti parí síbẹ̀ nìyẹn. "Ó dáa" kì í ṣe èsì. Ẹ kò lè fi ra ẹ̀gẹ́, ẹ kò sì lè mọ̀ bóyá ọ̀rá àádọ́ta ni wọ́n fẹ́ tàbí ẹyọ kan ò sí.

Kí ẹ tó kọ ohunkóhun, inú gàrí tí ẹ ti dì fún títà ni kí ẹ ti mú u. Ẹ má lọ yan agbada àkànṣe kan fún wọn. Ohun tí wọ́n bá tọ́ wò ni wọ́n máa fi di yín mú nígbà tí ẹ bá kó ọgọ́rùn-ún ọ̀rá dé. Nǹkan tí èmi máa ń ṣe ni pé mo kọ ọjọ́ tí a yan án sára ọ̀rá, màá wá yọ ọ̀rá méjì nínú èyí tí a jọ yan, màá tọ́jú u sílé láì tú u. Bí ẹnì kan bá ní gàrí mi rin, tèmi wà ńlẹ̀ tí a lè fi wé e. Ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé ẹ tọ́jú u. Ẹ máa rí i pé bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ ọjà yín á yí padà.

Ẹ wá wo ohun tí ẹ máa ní kí wọ́n dán wò. Mẹ́ta tó. Alágbàtà kì í ka ojú ìwé méjì, bó bá sì ju mẹ́ta lọ, kò ní ṣe ìkankan.

Àkọ́kọ́ ni omi tútù, torí mímu ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń dá gàrí Ìjẹ̀bú mọ̀. Ẹ ní kí wọ́n wá kọ́ọ̀bù dígí méjì tó bára mu, kí wọ́n bu gàrí yín dé ìdámẹ́rin ọ̀kan, kí wọ́n bu èyí tí wọ́n ń tà tẹ́lẹ̀ dé ìdámẹ́rin èkejì. Kí wọ́n fi omi kún méjèèjì, kí wọ́n dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Gàrí tó gbẹ, tí wọ́n yan jinná, máa ń wú tó ìlọ́po mẹ́ta, ìyẹn ni pé ó yẹ kó dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin kọ́ọ̀bù náà. Èèpo àti okùn ẹ̀gẹ́ tí a kò jọ̀ kúrò máa léfòó. Yanrìn á lọ sí ìsàlẹ̀, ẹ fi ìka pa ìdí kọ́ọ̀bù, ẹ máa mọ̀ ọ́n lára. Ẹ má gbàgbé láti kọ ọ́ pé omi inú fíríìjì kọ́. Oníṣòwò kan da omi tó ń dì sí gàrí mi lọ́jọ́ kan, ó ní kò wú. Omi tó tutù bẹ́ẹ̀ máa ń jẹ́ kó pẹ́ kó tó wú, gàrí tìrẹ gan-an ì bá má wú, àmọ́ kò da omi sí tìrẹ.

Èkejì ni ẹ̀bà, mi ò ní pẹ́ lórí ẹ̀. Omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó, ìwọ̀n omi kan náà fún gàrí méjèèjì, kí wọ́n bò ó, kí wọ́n jẹ díẹ̀ nígbà tó gbóná, kí wọ́n sì tún mú un wò nígbà tó bá tutù. Ibi tó ti ń tutù la ti ń mọ èyí tó ń le bí òkúta.

Ẹ̀kẹta ni mo fẹ́ràn jù, òun sì ni ọ̀pọ̀ àwa tó ń yan gàrí kì í rò. Ṣọ́ọ̀bù ni gàrí yín ń lọ, bẹ́ẹ̀ ọ̀rá tí oníbàárà bá ti tú wò kì í dì dáadáa mọ́. Lásìkò òjò, gàrí á máa fa ọ̀rinrin láti inú afẹ́fẹ́ títí á fi dì mọ́ra, tó bá sì pẹ́ á bu. Nítorí náà, ẹ ní kí wọ́n wọn ọ̀rá kan lórí òṣùwọ̀n, kí wọ́n tú ẹnu rẹ̀, kí wọ́n ká a padà lásán, kí wọ́n gbé e sórí pẹpẹ tí wọ́n máa tò ó sí gan-an, kí wọ́n tún un wọ̀n lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ohun tó bá fi wúwo sí i, omi ni. Codex, ìyẹn ìlànà oúnjẹ tí gbogbo àgbáyé ń lò, ní kí omi inú gàrí má ju ìpín 12 nínú 100 lọ. Bí gàrí yín bá kúrò lọ́dọ̀ yín ní ìpín 9, ohun gbígbẹ inú kílò kan jẹ́ gíráàmù 910, ó sì máa fa nǹkan bíi gíráàmù 34 kó tó kan 12. Bó bá fa gíráàmù mẹ́wàá, ọkàn yín balẹ̀. Bó bá fa ogójì, ọ̀rá tó nípọn sí i ni ẹ nílò, tàbí kí ṣọ́ọ̀bù máa gba díẹ̀díẹ̀ lóòrèkóòrè. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa jèrè ohun tí ẹ bá mọ̀ níbẹ̀.

Oró inú ẹ̀gẹ́, ìyẹn sáyánáìdì, ẹ má ní kí wọ́n dán ìyẹn wò, torí ẹnu kò lè tọ́ ọ mọ̀. Codex ní kó má ju mílígíráàmù 2 lọ nínú kílò kan. Èsì láàbù ló ń sọ ìyẹn, ẹ so ẹ̀dà rẹ̀ mọ́ lẹ́tà, kí wọ́n sì rí i pé ọjọ́ tó wà lórí èsì náà bá ti ara ọ̀rá mu. Bí ẹ bá ní nọ́ńbà NAFDAC, ẹ kọ ọ́. Bí ẹ kò bá tíì ní, ẹ sọ ibi tí ẹ bá a dé, torí ohun tí ṣọ́ọ̀bù ńlá máa kọ́kọ́ béèrè nìyẹn.

Ọjọ́ èsì ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í mọ bí wọ́n ṣe máa kọ. "Ẹ jọ̀ọ́ ẹ tètè dá wa lóhùn" kò ní ọjọ́ nínú. Ẹ mú ọjọ́ kan, kí ẹ sì so ó mọ́ nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ yín lóòótọ́. Ti gàrí rọrùn: ọjọ́ tí ẹ máa ra ẹ̀gẹ́. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti rín in, tí ẹ fi í sílẹ̀ kó kan fún ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin, ẹ kò lè dá a padà mọ́. Ẹ tún ka ọjọ́ ìdánwò mọ́ ọn. Bí ẹ bá ní kí ọ̀rá wà ní títú fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, ẹ má béèrè èsì lọ́jọ́ karùn-ún.

Bí mo ṣe máa kọ ọ́ rèé, ẹ fi orúkọ tiyín sí i:

Ọjọ́ Ajé, 7 Oṣù Keje 2025

Ẹ kú ọjà o, Ìyá wa.

Gàrí Ìjẹ̀bú tí ẹ béèrè nìyí, ọ̀rá mẹ́fà, kílò kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5 Oṣù Keje la yan án, ó wà lára ọ̀rá. Inú ọjà tí à ń tà la ti mú u, a sì tọ́jú ọ̀rá méjì nínú rẹ̀ sọ́dọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á bó bá dé lọ́la, bí ọ̀rá kan bá ya, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Lọ́jọ́rú, 9 Oṣù Keje, ẹ tú ọ̀rá méjì fún omi tútù àti ẹ̀bà. Ẹ gbé ọ̀rá kan sórí pẹpẹ ní títú lọ́jọ́ yẹn kan náà, kí ẹ wọ̀n ọ́n, kí ẹ sì tún un wọ̀n lọ́jọ́ Ẹtì, 18. Ẹ fún àwọn oníbàárà yín ní méjì. Ẹ má tú ẹ̀kẹfà títí a ó fi sọ̀rọ̀. Bí ẹ ṣe máa ṣe é wà lẹ́yìn ìwé yìí, pẹ̀lú èsì láàbù.

Ohun mẹ́rin la fẹ́ gbọ́: bó ṣe wú sí èyí tí ẹ ń tà, bó ṣe kan (ó kéré, ó tó, ó pọ̀jù), iye gíráàmù tó fi wúwo sí i, àti iye ọ̀rá tí ẹ máa kọ́kọ́ gbà. Bí kò bá wù yín, ẹ kọ "rárá", a kò ní bínú. Ẹ fi ránṣẹ́ lórí Wọ́sáàpù kó tó di agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, 21 Oṣù Keje. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, 22, la máa ra ẹ̀gẹ́ tó kàn, a ó ra mọ́ tiyín bí a bá ti gbọ́ yín.

Iye owó wà nínú ìwé kejì, kò ní yí padà títí di 31 Oṣù Keje.

Lẹ́tà náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ya owó sọ́tọ̀ sínú ìwé mìíràn, torí ẹni tó ń po ẹ̀bà wò lè máà jẹ́ ẹni tó yẹ kó mọ iye tí ẹ tà á fún ọ̀gá rẹ̀. Ẹ tẹ lẹ́tà náà síta, kí ẹ lẹ ẹ̀dà kan mọ́ inú páálí níbi tí ojú ẹni tó tú u á kọ́kọ́ bà. Ẹ tún fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sórí fóònù ìyá náà, torí àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù ló máa ń tú páálí.

Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ní béèyàn bá kéré sí alágbàtà, kò yẹ kó máa dá ọjọ́ fún un. Ohùn ẹ̀bẹ̀ wà nínú lẹ́tà náà dáadáa, ọjọ́ tó wà níbẹ̀ kì í ṣe àṣẹ, ọjọ́ ẹ̀gẹ́ ni. Á yé ìyá tó ń pín ọjà jù yín lọ pé ọjọ́ ẹ̀gẹ́ kì í dúró.

Bó bá di ọjọ́ Ẹtì, 18, ẹ pè é lẹ́ẹ̀kan, ẹ má béèrè èsì, ẹ kàn rán an létí pé òní ni wọ́n máa tún ọ̀rá wọ̀n. Bí agogo mẹ́rin ọjọ́ Ajé bá lù tí ẹ kò gbọ́ nǹkan kan, ẹ ra ẹ̀gẹ́ tiyín nìkan, kí ẹ sì kọ ránṣẹ́ pé ẹ ti rà á, pé ẹ máa sọ ọjọ́ mìíràn fún un bó bá ṣì wù ú. Àwọn kan máa ń dáhùn sí ìyẹn láàárín wákàtí kan.

Bó bá kọ "ó kan jù", ẹ má sáré yí bí ẹ ṣe ń ṣe é padà o. Ẹ bi í bóyá mímu ni tàbí ẹ̀bà. Ọ̀pọ̀ àwọn tó fẹ́ràn gàrí kíkan nínú omi pẹ̀lú ṣúgà àti ẹ̀pà kì í fẹ́ ẹ nínú ẹ̀bà, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹni tó ń jẹ ẹ̀bà nìkan ló tọ́ ọ wò.