Lẹ́tà owó ilé-ìwé tí ọmọ lè kà sókè fún ìyá àgbà

“Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Akọ̀wé ni mí ní ilé-ìwé aládàáni kan ní Ògbómọ̀ṣọ́. Pírínsípà wa kọ lẹ́tà yìí sí àwọn òbí: ‘Gbogbo ẹ̀yin òbí tí ẹ jẹ gbèsè, ẹ gbọdọ̀ san owó ilé-ìwé ọmọ yín pé kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, a ó lé ọmọ yín sílé. A kò ní gba àwáwí.’ Wọ́n wá ní kí n tún un kọ kí ọ̀wọ̀ wà nínú rẹ̀, àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má rò pé eré là ń ṣe. Báwo ni kí n ṣe é?”

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ṣe bọ́sà ní ilé-ìwé aládàáni fún ọ̀pọ̀ ọdún, èmi ni mo sì máa ń jókòó gba àwọn òbí lálejò lẹ́yìn tí irú lẹ́tà yìí bá ti délé. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ rò ni ẹni tí yóò kà á. Ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń gbé lọ́dọ̀ ìyá àgbà. Bàbá lè wà ní Èkó tàbí l’ókè ọya, kí ìyá wà lọ́jà títí ilẹ̀ á fi ṣú. Bí lẹ́tà bá dé, ọmọ náà gan-an ni wọ́n máa ń pè pé kó wá kà á. Ọmọ ọdún mọ́kànlá á wá dúró níwájú ìyá tó bí ìyá rẹ̀, á máa kà á sókè pé “ẹ̀yin tí ẹ jẹ gbèsè, ẹ gbọdọ̀ san.” Pírínsípà ló kọ ọ́, àmọ́ ẹnu ọmọ ló ti jáde. Ìyá àgbà náà ò ní gbàgbé.

Nítorí náà, kí n tó tẹ lẹ́tà owó kankan, mo máa ń ní kí olùkọ́ tó kéré jù láàárín wa kà á sókè fún màmá tó ń ta oúnjẹ fún àwọn ọmọ. Ibi tí ojú bá ti ti olùkọ́ náà láti kà á fún àgbàlagbà, ibẹ̀ la ó tún kọ. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń bi màmá pé kí wọ́n sọ fún mi iye tó kù, ọjọ́ tí wọ́n máa san án, àti ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí ọjọ́ náà bá kọjá. Bí wọn ò bá lè sọ ọ́, a jẹ́ pé lẹ́tà náà kò tíì le, bó ti wù kí ariwo pọ̀ nínú rẹ̀ tó.

Tí ẹ bá fi èyí wo lẹ́tà ọ̀gá yín, ẹ máa rí i pé ariwo ló pọ̀ níbẹ̀. “Kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí” kì í ṣe ọjọ́. Kò sí iye owó níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò yọ ẹni tó ti san sílẹ̀. Ní ilé-ìwé kan tí mo ti ṣiṣẹ́, irú lẹ́tà yìí ni ẹni tó ni ilé-ìwé ní kí wọ́n fún gbogbo ọmọ láìyọ ẹnì kan sílẹ̀. Ìyá kan tó ń tajà ní Tákíè, tó ti san owó àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta pé láti ọ̀sẹ̀ tí ilé-ìwé wọlé, kó rìsíìtì rẹ̀ wá, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó ní kí wọ́n fi gbèsè òun han òun. Nígbà tí sáà parí, ó kó àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ. Àwọn tó jẹ owó lóòótọ́ kò mira, torí wọ́n ti gbọ́ “ọ̀sẹ̀ yìí” rí lẹ́ẹ̀mẹta ní sáà kan náà, ilẹ̀ sì ń mọ́.

Ẹ jẹ́ ká mú sáà kejì, torí òun ló máa ń le jù. Ọdún Kérésì ti gba owó lọ́wọ́ àwọn èèyàn. Ẹ má fi ọjọ́ ìkẹyìn sí àárín oṣù Kìíní, ẹ jẹ́ kí owó oṣù Kìíní wọlé fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ná. Ẹ má sì fi sí ọjọ́ Ẹtì, torí ẹni tó bá fi owó ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì, tí nẹ́tíwọ̀kì bá dá a dúró, Ọjọ́ Ajé lẹ tó lè mọ̀ bóyá ó san tàbí kò san. Ọjọ́rú tẹ́ mi lọ́rùn jù, torí ọjọ́ iṣẹ́ méjì ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀ tí bọ́sà lè fi tọpa owó tó sọnù sọ́nà.

Ti ìyà tó máa tẹ̀lé e ńkọ́? Èmi ò fara mọ́ kí wọ́n máa lé ọmọ jáde ní kíláàsì, mi ò sì ní fara mọ́ ọn láéláé. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni wọ́n máa ń lé wọn. Ọmọ á fẹsẹ̀ rìn délé láàárín ọkọ̀ àti ọ̀kadà, ilẹ̀kùn á wà ní títì, kò ní sí ẹnì kankan nílé. Ọmọ ló jìyà, ẹni tó yẹ kó san owó ò tilẹ̀ tíì mọ̀. Ibi tí mo máa ń fi ìlà sí ni ìsinmi àárín sáà. Ọmọ ti wà nílé nígbà náà, kò sí pé a lé e. Ọjọ́ tí wọ́n bá ń wọlé padà, òbí tí kò san, tí kò sì wá bá wa sọ nǹkan kan, òun fúnra rẹ̀ ni yóò mú ọmọ wá sí ọ́fíìsì. Kí ẹ tó kọ èyí, ẹ bi pírínsípà yín bóyá wọ́n máa dúró lórí rẹ̀ bó bá kan ọmọ ẹni tí wọ́n jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí kan náà. Bí wọn ò bá ní lè dúró, kí wọ́n yọ ọ́ kúrò.

Bí èmi ṣe máa kọ ọ́ fún òbí tó ti san ₦25,000 nínú ₦45,000 nìyí. Ẹ máa fi ọwọ́ kọ orúkọ ọmọ àti iye owó sí ti ẹnì kọ̀ọ̀kan.

“Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 26 oṣù Kìíní, 2026.

Sí òbí tàbí alágbàtọ́ ……………, kíláàsì ……………

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. A dúpẹ́ fún ₦25,000 tí ẹ ti san nínú owó ilé-ìwé sáà kejì. Ó ku ₦20,000 kí owó náà tó pé.

Ọjọ́rú, ọjọ́ 11 oṣù Kejì, ni ọjọ́ ìkẹyìn tí a ó gba owó sáà yìí. Òun ni a fi ń san owó oṣù àwọn olùkọ́ tó ń kọ́ àwọn ọmọ wa, ìdí nìyẹn tí a kò fi ní lè yí ọjọ́ náà padà fún ẹni tí kò bá wá bá wa sọ̀rọ̀.

Bí ọjọ́ yẹn kò bá rọ̀ yín lọ́rùn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá rí bọ́sà wa, ó pẹ́ tán ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 6 oṣù Kejì, kí a jọ dá ọjọ́ mìíràn, kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ilé-ìwé yóò wọlé padà láti ìsinmi àárín sáà ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 24 oṣù Kejì. Ọmọ tí owó rẹ̀ kò bá tíì pé, tí a kò sì tíì jọ dá ọjọ́ kankan, a ó máa retí òbí tàbí alágbàtọ́ rẹ̀ ní ọ́fíìsì kí ọmọ náà tó wọ kíláàsì.

Bí ẹ bá fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì, ẹ bá wa kọ orúkọ ọmọ àti kíláàsì rẹ̀ mọ́ ọn. Bí ẹ bá ti san án kí lẹ́tà yìí tó tẹ̀ yín lọ́wọ́, ẹ bá wa fi rìsíìtì ránṣẹ́ kí a lè tún ìwé wa ṣe. Ẹ ṣeun.

Pírínsípà.”

Ẹ wò ó, kò sí “ẹ gbọdọ̀” níbẹ̀. Ohun tí ilé-ìwé yóò ṣe ni gbogbo gbólóhùn tó le ń sọ, kì í ṣe àṣẹ tí a pa fún àgbà. Ọmọ lè kà á tán láìtijú. Bákan náà, ẹ̀bẹ̀ ò sí ní ẹ̀gbẹ́ ọjọ́ ìkẹyìn. Ibi tí òbí ti lè wá bá wa sọ̀rọ̀ ni mo fi “ẹ jọ̀wọ́” sí. Bí ẹ bá kọ “ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbìyànjú láti san án ní ọjọ́ 11,” ẹni tó bá kà á á mú un pé ọjọ́ 20 náà dára.

Orúkọ ọmọ tí mo ní kí wọ́n kọ mọ́ owó yẹn, ẹ má yọ ọ́. Àbúrò bàbá ló máa ń fi owó ránṣẹ́ láti Ìlọrin tàbí Jọ́ọ̀sì, orúkọ tirẹ̀ ló sì máa jáde lójú fóònù yín. Bí bọ́sà ò bá mọ ọmọ tó ni ín, ẹ ó kọ lẹ́tà gbèsè sí ẹni tó ti san.

Ẹ fi lẹ́tà sínú àpòòwé, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ pa. Ẹni tó ti san pé kò ní gbà á rárá. Ẹ má kà á ní àkójọ àárọ̀, ẹ má sì gbé orúkọ sójú Wọ́sáàpù àwọn òbí. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀, tí ọmọ ò sì wá sílé-ìwé mọ́ torí ẹlẹ́yà, kì í ṣe torí owó.

Bí ẹ bá kọ pé kí wọ́n wá dá ọjọ́ mìíràn, àwọn kan máa wá, pàápàá àwọn àgbẹ̀ kaṣú. Oṣù Kejì sí oṣù Kẹrin ni kaṣú máa ń já bọ́ lágbègbè wa, òtítọ́ ni wọ́n ń sọ tí wọ́n bá ní owó ò tíì dé. Fún ẹni tó ku ₦20,000, mo máa ń gba ₦10,000 ní ọjọ́ 11 oṣù Kejì, ₦10,000 ní Ọjọ́rú, ọjọ́ 18 oṣù Kẹta. Méjì péré ni, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ìdánwò ìparí sáà ti ń sún mọ́lé nígbà náà. Wọ́n á buwọ́ lù ú tàbí kí wọ́n tẹ ìka, wọ́n á mú ẹ̀dà kan lọ sílé. Ẹni tó bá yẹ ọjọ́ tó fúnra rẹ̀ dá, èmi ò ní dá òmíràn fún un ní sáà yẹn.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 12, kí bọ́sà jókòó ti ìwé rẹ̀, kó sì pe ẹnì kọ̀ọ̀kan tí kò san tí kò sì wá. Kó pè wọ́n lọ́jọ́ náà gan-an, torí bó bá di ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n á ti rò pé ẹ gbàgbé. Kó kí wọn dáadáa, kó béèrè bóyá àpòòwé dé ọwọ́ wọn, kó sì rán wọn létí ọjọ́ 24. Mo ti rí i pé àwọn mìíràn á sọ pé àwọn ò rí lẹ́tà kankan. Nítorí ìyẹn, kí olùkọ́ kíláàsì ní ìwé kan tí ọmọ máa buwọ́ lù nígbà tó bá ń gba àpòòwé.