M:E 4:1 lórí sláìdì kan, 0.9:1 lórí èkejì, pẹ́ṣẹ́ǹtì kan náà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ mà. Lábù ni mo wà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka mùdùnmúdùn ni. Obìnrin ẹni ọdún 38 kan, PCV 17, MCV 118, wọ́n fa mùdùnmúdùn ẹ̀, wọ́n kó sláìdì mẹ́jọ wá. Mo mú ìkẹjọ, mo ka sẹ́ẹ̀lì 500: máyẹ́lọ́ìdì 330, ẹ̀rítírọ́ìdì 80, límfósáìtì 88, pílásímà sẹ́ẹ̀lì 2. M:E, ìyẹn máyẹ́lọ́ìdì sí ẹ̀rítírọ́ìdì, jẹ́ 4:1, ìwé sì ní 2:1 sí 4:1 ló dáa fún àgbàlagbà, mo bá kọ pé nọ́málù ni. Ọ̀gá mi ka sláìdì kìíní, ó rí 210, 240, 40 àti 10, ó ní 0.9:1 ni, kí n fa tèmi ya. Ṣé mi ò mọ sẹ́ẹ̀lì kà ni?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o mọ̀ ọ́n kà. Ohun tó wà lórí sláìdì tó o mú lo kà, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ inú iṣan ló pọ̀ jù lórí sláìdì yẹn, mùdùnmúdùn ibẹ̀ ò tó nǹkan. Ti ọ̀gá ẹ ni ká mú.

Jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látibi tí wọ́n ti fà á. Tí dókítà bá ti abẹ́rẹ́ bọ eegun ìbàdí lẹ́yìn, tó wá fa síríńjì, ìwọ̀nba díẹ̀ tó kọ́kọ́ jáde, bíi 0.2 sí 0.5 ml, òun ni ojúlówó mùdùnmúdùn. Tó bá ti ń fà á ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn kiri ara á bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọ inú síríńjì, bí ìgbà tí èèyàn bá ń da omi lu ẹ̀kọ. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣe é, wọ́n á fa 4 tàbí 5 ml lẹ́ẹ̀kan náà, torí pé wọ́n fẹ́ rí èyí tí wọ́n máa dà sí ìgò EDTA tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, wọ́n tún fẹ́ rí èyí tó máa lọ fún àyẹ̀wò míì, sláìdì ló wá kẹ́yìn. Ó yẹ kó jẹ́ pé sláìdì ló kọ́kọ́ jẹ nínú ẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ tó dì, kí wọ́n tún padà fa tàwọn tó kù. Pẹ́ṣẹ́ǹtì tìẹ yìí, ó jọ pé díẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn ni wọ́n fi ṣe sláìdì kìíní, nígbà tí wọ́n máa dé ìkẹjọ, ẹ̀jẹ̀ lásán ló kù ní síríńjì.

Báwo ni wàá ṣe mọ̀ kó o tó kà á? Ojú lásán ló fi ń bẹ̀rẹ̀ o, ká tó sọ maikirosikópù. Gbé sláìdì tí wọ́n ti sítéènì sókè síbi iná, wo ìdí ẹ̀, ojúlówó á ní àwọn hóró kéékèèké aláwọ̀ búlúù tó ki bí ẹni wọ́n gaàrí sí i, ihò róbótó róbótó á wà láàárín ẹ̀, ọ̀rá ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ tó ti yọ́ lọ. Hóró yẹn gan-an ni mùdùnmúdùn. Tó ò bá rí hóró kankan, tó kàn lọ geere bíi sláìdì ẹ̀jẹ̀ ojoojúmọ́, gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Tó bá ní hóró, fi lẹ́ńsì 10 wò ó fún ìṣẹ́jú díẹ̀ ná: sẹ́ẹ̀lì inú hóró náà kún tàbí ọ̀rá ló gbabẹ̀? Ṣé o rí mẹ́gákáríósáìtì, àwọn gbàǹgbà tó ń ṣe pílétílẹ́ẹ̀tì yẹn? Lẹ́yìn ẹ̀ lo tó máa kan ọ́ílì àti lẹ́ńsì 100, ibi tó o sì ti máa kà ni ojú ọ̀nà tí hóró náà gbà kọjá, ìyẹn ìrù tó fà sẹ́yìn, ibẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì ti tẹ́ dáadáa láì gorí ara wọn. Má jókòó sójú kan ṣoṣo kà á tán, torí àwọn ọmọ ẹ̀jẹ̀ pupa máa ń ṣùjọ sójú kan bí ọmọ adìyẹ lábẹ́ ìyá wọn, tó o bá bọ́ sáàárín wọn, wàá rò pé gbogbo ìlú ni wọ́n gbà.

Ṣùgbọ́n ká ní o ò tiẹ̀ wo hóró rárá, nọ́ńbà tó o kọ fúnra ẹ ti ń pariwo. Ẹ̀jẹ̀ inú iṣan ní nútírófíìlì tó ti dàgbà, ìyẹn ẹ̀jẹ̀ funfun tá a máa ń kà mọ́ máyẹ́lọ́ìdì, ó ní límfósáìtì, àmọ́ kò ní ẹ̀rítírọ́ìdì, torí ẹ̀rítírọ́ìdì tá a ń kà ni ọmọ ẹ̀jẹ̀ pupa tó ṣì ní núkílíọ́ọ̀sì nínú, wọn kì í sábà jáde kúrò nínú eegun. Nítorí náà bí ẹ̀jẹ̀ bá ṣe ń pọ̀ sí i lórí sláìdì, òkè M:E á máa ga, ìsàlẹ̀ á máa wálẹ̀. Wo límfósáìtì tìẹ, 88, ti ọ̀gá ẹ 40. Pílásímà sẹ́ẹ̀lì, tó jẹ́ pé inú eegun ló ń gbé, tìẹ 2, tiẹ̀ 10. Padà lọ wo 330 tó o pè ní máyẹ́lọ́ìdì, mo lè fi owó oúnjẹ mi ta á pé èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló ti dàgbà tán, tí núkílíọ́ọ̀sì ẹ̀ ti pín, pé promáyẹ́lósáìtì àti máyẹ́lósáìtì ibẹ̀ ò tó nǹkan. Nínú eegun gidi, àwọn tí kò tíì dàgbà tán ló yẹ kó pọ̀.

Ẹnì kan lè ní bóyá kíkà ló kàn ṣe kòńgẹ́ bẹ́ẹ̀. Rárá. Ẹ̀rítírọ́ìdì 80 nínú 500 jẹ́ 16%, tó o bá tún sláìdì kan náà kà lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, ó máa wà láàárín nǹkan bíi 64 sí 96, kò lè fò dé 240 láéláé. Ká ní 100 péré lo kà ni, 9 sí 23 ló máa wà, ìyẹn gbòòrò jù, ìdí nìyí tí ìlànà tí ICSH, ẹgbẹ́ àgbáyé tó ń ṣètò bí wọ́n ṣe ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, gbé jáde ní 2008 fi ní 500 ni ká kà tí M:E bá ṣe pàtàkì, kó sì jẹ́ látorí sláìdì tó ju ẹyọ kan lọ.

Ohun kan tún wà tó máa ń yí M:E po tí mo fẹ́ kó o kíyè sí, ọmọ ẹ̀jẹ̀ pupa tó kù díẹ̀ kó dàgbà, àwọn èèyàn máa ń kà á sí límfósáìtì. Núkílíọ́ọ̀sì tiẹ̀ róbótó, ó dúdú, ó dán bíi kóró iṣin, omi ara ẹ̀ sì ti ń pọ́n díẹ̀díẹ̀. Ti límfósáìtì kì í dán tó bẹ́ẹ̀, búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ ló sì yí i ká. Tó o bá ṣi mélòó kan kà, ìsàlẹ̀ M:E á jò láì mọ̀. Ẹ má sì ka límfósáìtì, pílásímà sẹ́ẹ̀lì tàbí mẹ́gákáríósáìtì mọ́ M tàbí E o, mo ti rí ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀.

Ó dáa, 0.9:1 ti ọ̀gá ẹ wá ń sọ kí ni? Òun nìkan kò sọ nǹkan kan tó parí. Ìpín ni, ó lè wálẹ̀ torí pé ìsàlẹ̀ pọ̀ tàbí torí pé òkè dín kù. Ẹni tí oògùn kan ti pa àwọn nútírófíìlì ẹ̀ lè ní 0.9:1, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ pupa ẹ̀ ń pọ̀ láì dúró náà lè ní in. Hóró lo máa fi dá wọn mọ̀. Tí hóró obìnrin yìí bá kún dẹ́nú, tí ọ̀rá ò fi bẹ́ẹ̀ sí láàárín ẹ̀, a jẹ́ pé máyẹ́lọ́ìdì ò dín, ẹ̀rítírọ́ìdì ló pọ̀ rẹpẹtẹ. Tó bá jẹ́ pé hóró ṣófo ni, ọ̀rọ̀ míì nìyẹn.

Wàyí o, eegun ń ṣe ẹ̀jẹ̀ pupa rẹpẹtẹ, PCV ṣì wà ní 17, kí ló dé? Rẹtíkulósáìtì ló máa dáhùn, ìyẹn ẹ̀jẹ̀ pupa tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde síta. Fi ilé búrẹ́dì wò ó. Tí ìyẹ̀fun bá ń wọ ààrò tó pọ̀, tí búrẹ́dì sì ń jáde tó pọ̀, síbẹ̀ tí kò sí búrẹ́dì lọ́jà, a jẹ́ pé ìta ni wọ́n ti ń bà á jẹ́, bó ṣe máa ń rí nìyẹn nínú síkùlì sẹ́ẹ̀lì, rẹtíkulósáìtì á ga. Tí ìyẹ̀fun bá ń wọlé tó pọ̀ àmọ́ tí búrẹ́dì ò jáde, inú ààrò ló ti ń jóná. Pẹ̀lú MCV 118, tó fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ pupa ẹ̀ tóbi jù, ohun tí mo fura sí gan-an nìyẹn, pé B12 tàbí fólíìkì ásíìdì ò tó, àwọn ọmọ ẹ̀jẹ̀ náà ń kú sínú eegun kí wọ́n tó dàgbà. Tún fi lẹ́ńsì 100 wò wọ́n: wọ́n á tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, núkílíọ́ọ̀sì wọn á ṣí bí asẹ́ nígbà tí omi ara ti ń pọ́n, wàá tún rí mẹ́támáyẹ́lósáìtì rìbìtì tó tẹ̀ bíi bàtà ẹṣin. Àwòrán yẹn wúwo ju M:E lọ lójú tèmi.

Ìdí tí mo fi ń sọ̀rọ̀ yìí gùn ni pé 4:1 tìẹ kò jọ àṣìṣe. Ká ní 12:1 ló jáde ni, gbogbo èèyàn ì bá bi ara wọn léèrè, àmọ́ ó bọ́ sáàárín ohun tí ìwé ní ó dáa. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà rí nígbà tí mò ń kọ́ṣẹ́, mo kọ nọ́málù sórí sláìdì tí kò ní hóró kan, wọ́n fi nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì wá àìsàn kíndìnrín kiri ara bàbá náà kí ọ̀gá kan tó ní ká gbé sláìdì padà wá. Kódà fún oní-síkùlì sẹ́ẹ̀lì, 4:1 lórí sláìdì tó ní hóró kì í ṣe nọ́málù rárá, torí ó yẹ kí ẹ̀rítírọ́ìdì tiẹ̀ pọ̀ ju máyẹ́lọ́ìdì lọ tàbí kí wọ́n jọ ṣe déédéé. Tí PCV ẹ̀ bá já lójijì tí rẹtíkulósáìtì ò sì sí, kòkòrò páfófáírọ́ọ̀sì B19 ló yẹ kó wá sí ẹ lọ́kàn.

Nípa fífa ìwé ya, mi ò ní bá ọ̀gá ẹ jà, ṣùgbọ́n èmi ò ní ya á. Kọ ọ́ sí àkọsílẹ̀ pé sláìdì 8 kò ní hóró, ẹ̀jẹ̀ ti lù ú, kò ṣeé fi ka M:E. Ka sláìdì 2 náà, kẹ́ ẹ fi ti kìíní àti ìkejì ṣe èsì, kó o kọ bí hóró ṣe kún tó sẹ́gbẹ̀ẹ́ M:E. Kó o sì pe wọ́ọ̀dù lónìí, ní kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ fún rẹtíkulósáìtì, B12 àti fólétì kí wọ́n tó fún un ní nǹkan kan, torí tó bá jẹ́ B12 ló kù tí wọ́n wá ń fún un ní fólíìkì ásíìdì nìkan, PCV lè gòkè díẹ̀ àmọ́ iṣan ìmọ̀lára ẹ̀ á máa bàjẹ́ lọ. Bi wọ́n bóyá ọwọ́ àtẹsẹ̀ ẹ̀ ń kú tipiri pẹ̀lú.