Ikọ́ ọmọ tí àyẹ̀wò ìgbẹ́ kò rí aràn sí

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ìyá. Iléṣà ni mò ń gbé. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́rin, ti ń wú ikọ́ gbẹ láti ọjọ́ 9 sẹ́yìn, àyà rẹ̀ a sì máa dún fín-ín-fín-ín lálẹ́. Ìyá ọkọ mi ní aràn ló gun un lọ sí àyà. A ṣe àyẹ̀wò ìgbẹ́, wọ́n ní kò sí aràn kankan. Ṣé aràn lè dé àyà lóòótọ́? Kí ló sì dé tó fi jẹ́ òun nìkan, tí nǹkan kan kò ṣe èmi àti bàbá rẹ̀?" (Ìyá Àánú)

Ìyá Àánú, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ìyá ọkọ yín kò parọ́. Bébà láàbù tó wà lọ́wọ́ yín yẹn ni kí ẹ má gbára lé, torí irú rẹ̀ ló ṣì mí lọ́nà nílé wa ní Ilé-Ifẹ̀ níbí.

Ọjọ́ 14 oṣù kẹfà ni ikọ́ bẹ̀rẹ̀ lára ọmọ mi kejì. Ọmọ ọdún mẹ́rin ààbọ̀ ni nígbà náà. Òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́, mo ní òtútù ni. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ikọ́ náà kò jẹ́ kó sùn mọ́. Tó bá ti di nǹkan bí aago kan òru, á jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, á máa wú u, àyà á máa dún bí ẹni ń fọn fèrè, ara rẹ̀ á gbóná díẹ̀. Kò sí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ púpọ̀. Mo gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kan tí n kò ní dárúkọ. Wọ́n fún wa ní òògùn apakòkòrò olómi. Kò gbọ́. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Kò gbọ́. Wọ́n tún pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í yàgbẹ́ gbuuru lórí ikọ́. Èyí tí wọ́n ní kó máa fà símú ràn án lọ́wọ́ díẹ̀, n kò lè purọ́.

Mo bi wọ́n pé ṣé kò lè jẹ́ aràn. Dókítà kékeré tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mọ́mì, inú ìfun ni aràn ń gbé, kì í gbé inú ẹ̀dọ̀fóró." Mo fi owó ara mi ṣe àyẹ̀wò ìgbẹ́ ní ọjọ́ 20. Ọkùnrin tó wà lójú fèrèsé láàbù na bébà sí mi, ó ní kò sí ẹyin aràn. Mo padà wálé pẹ̀lú ìtìjú, bí ẹni pé èmi ni mo ń ṣe aláìmọ̀kan.

Ohun tí kò sẹ́ni tó sọ fún mi ni pé ẹyin ni wọ́n ń wá nínú ìgbẹ́, àgbà aràn nìkan ló sì ń yé ẹyin. Ṣé òròmọdìyẹ máa ń yé ni? Aràn tó wà nínú ẹ̀dọ̀fóró ọmọ lákòókò ikọ́ yẹn kò tíì dàgbà, kò tíì sí nínú ìfun rárá.

Aràn gbọọrọ yìí, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Áskárísì, ọ̀nà rẹ̀ jìn gan-an. Ọmọ á gbé ẹyin rẹ̀ mì láti ara ọwọ́, láti ara èso tí a kò fọ̀, tàbí kó tiẹ̀ jẹ yẹ̀pẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹyin á pa nínú ìfun kékeré, ọmọ aràn tí ojú lásán kò lè rí á jáde. Ẹ̀yin àti èmi á rò pé á jókòó síbẹ̀ kó máa jẹun. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Á lu ògiri ìfun, á bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á gbé e gba inú ẹ̀dọ̀ kọjá, á dé ọkàn, ọkàn á tì í sínú ẹ̀dọ̀fóró. Tí a bá kà á láti ọjọ́ tó gbé e mì, gbogbo èyí kì í ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan lọ. Inú àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín tó wà nínú ẹ̀dọ̀fóró ló ti ń há. Á lo bí ọjọ́ 10 sí 14 níbẹ̀, á máa dàgbà, á já iṣan náà, á bọ́ sínú àpò afẹ́fẹ́, á máa gun ọ̀nà ọ̀fun bọ̀ lókè. Nígbà tó bá dé ọ̀nà ọ̀fun, ọmọ á wúkọ́, á gbé e mì lẹ́ẹ̀kejì láìmọ̀. Ìgbà yìí ló tó padà sínú ìfun tó máa jókòó, tó máa dàgbà, tó sì máa yé. Láti ìgbà tí ọmọ ti kọ́kọ́ gbé e mì dé ìgbà tí ẹyin máa hàn nínú ìgbẹ́, oṣù méjì sí mẹ́ta ni.

Ìrírí dókítà àwọn ọmọdé kan ní Japáànù, Koino, ló kúkú tán ìjà yìí ní 1922. Ó gbé ẹyin aràn 2,000 mì fúnra rẹ̀, àìsàn bí òtútù àyà mú un, wọ́n sì rí ọmọ aràn nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀. Ó ti lé ní 100 ọdún. Dókítà kékeré mi ṣì ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ jẹ́ n padà sórí ọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ 22 mo ra òògùn aràn ní kẹ́míìsì, mo fún un. Ikọ́ kò dáwọ́ dúró lọ́jọ́ náà, bẹ́ẹ̀ ni kò dáwọ́ dúró lọ́jọ́ kejì. Mo tún bínú sí onítajà. Àṣìṣe tèmi ni. Òògùn yẹn, inú ìfun ló ti ń ṣiṣẹ́ jù, àgbà aràn ló sì ń pa. Àwọn tó ń rin ìrìn àjò nínú ẹ̀dọ̀fóró kì í fi bẹ́ẹ̀ kàn. Ikọ́ náà fúnra rẹ̀ ló lọ, ní ìparí ọ̀sẹ̀ kẹta.

Kó tó lọ, wọ́n ti ya ẹkisiréè fún un. Òjìji kan wà ní apá ọ̀tún nísàlẹ̀. Wọ́n kọ ìfura ikọ́ ẹ̀gbẹ sí i. Ẹ fojú inú wo alẹ́ ọjọ́ yẹn nílé wa! Ọkọ mi kò jẹun. Dókítà àgbà obìnrin kan ló gbà wá. Ó ní kí wọ́n ka sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà níyàtọ̀ níyàtọ̀. Nínú 100, 26 jẹ́ irú tí wọ́n ń pè ní eosinófìlì, nígbà tó jẹ́ pé 1 sí 6 ló yẹ kó jẹ́. Ó ní ká tún ya ẹkisiréè lẹ́yìn ọjọ́ 10. Òjìji apá ọ̀tún ti lọ, òmíràn fẹ́ẹ́rẹ́ ti wà ní apá òsì. Ó ní ikọ́ ẹ̀gbẹ kì í kó ẹrù rẹ̀ báyìí. Òjìji tó ń rìn kiri, tó ń pòórá fúnra rẹ̀, pẹ̀lú eosinófìlì tó ga, ni dókítà Lọ́fílà ní Swítsáláńdì ṣàlàyé ní 1932, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pe àìsàn náà di òní. Kì í ṣe Áskárísì nìkan ló ń fà á o. Kíka ẹ̀jẹ̀ yẹn ni kí ẹ̀yin náà béèrè fún, ó wúlò ju ìgbẹ́ lọ lásìkò yìí.

Ẹ ṣọ́ra fún òdìkejì náà. Ká ní wọ́n tiẹ̀ rí ẹyin aràn nínú ìgbẹ́ ọmọ yín lónìí, àwọn tó yé e ti wà nínú ìfun láti oṣù mélòó kan sẹ́yìn. Kì í ṣe àwọn ni ó ń fa ikọ́ òní. Ọ̀pọ̀ ọmọ ní agbègbè wa yìí ni ọmọ aràn ń gba ẹ̀dọ̀fóró wọn kọjá tí kò sì hàn rárá. Ìgbà tí púpọ̀ bá kọjá lẹ́ẹ̀kan náà ni ikọ́ máa ń le.

Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹjọ, ọmọ náà ké láti orí póò. Ẹyọ kan ti yọ, ó gùn ju bírò lọ, ó funfun bí ìṣù òwú, ó ṣì ń yí. Mo tún ṣe àyẹ̀wò ìgbẹ́, ẹyin kún un fọ́fọ́. Òògùn rẹ̀ ẹ ti mọ̀, albẹndasóòlù 400 ẹyọ kan péré, ìdajì fún ọmọ tó ti pé ọdún kan tí kò tíì pé ọdún méjì, kí ẹ fọ́ ọ kí ó má bàa há a lọ́fun. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta mo ka 31. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin yà 4. Bàbá wọn kò yà kankan, èmi yà 1, ojú sì tì mí.

Èyí mú mi dé ìbéèrè yín kejì tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé. Aràn yìí kì í bí síra wọn nínú ikùn. Ẹyin tí abo bá yé, tó lè tó 200,000 lójúmọ́, ìta ló ń jáde sí. Ẹyin náà kò tíì lè ran ẹnikẹ́ni nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Ó gbọ́dọ̀ gbé nínú ilẹ̀ tó tutù, tó sì móoru, fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin. Nítorí náà, aràn 31 ni ẹyin 31 ó kéré tán tí ọmọ mi gbé mì, ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, láti inú yẹ̀pẹ̀. Kì í ṣe dídùn tó jẹ. Mo ti na ọmọ yẹn nítorí súìtì, kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Ta ló ń jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, tó ń ti ọwọ́ bọ ẹnu láti òwúrọ̀ dé alẹ́? Èmi kọ́ ni mo ń fi yẹ̀pẹ̀ se ọbẹ̀ lẹ́yìn ilé. Ara ọmọdé kò sì tíì pàdé aràn yìí nígbà púpọ̀ tó fi lè máa pa àwọn tó ń wọlé kí wọ́n tó fìdí múlẹ̀. Bí a ṣe ń dàgbà lara ń kọ́ díẹ̀díẹ̀, kò sì kọ́ pátápátá, ẹ̀rí ni ẹyọ tèmi. Ẹrù aràn máa ń wúwo jù lára ọmọ ọdún márùn-ún sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Celia Holland àti Samuel Asaolu pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ wọn ti ṣiṣẹ́ lórí aràn àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ níbí, tí iṣẹ́ wọn jáde ní 1989. Ohun tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń fi hàn káàkiri ni pé aràn kì í pín dọ́gba. Ọmọ díẹ̀ nínú ilé ló ń ru èyí tó pọ̀ jù, tí ẹ bá sì lé e, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ló tún máa ń kó púpọ̀. Mi ò sọ pé bẹ́ẹ̀ lọmọ yín rí. Ẹ kàn má dájú pé nítorí pé ara yín dá, tirẹ̀ náà dá.

Lẹ́yìn ilé wa, àwọn ayálégbé ń da póò ọmọ sí ìdí igi ọsàn níbi tí àwọn ọmọ ti ń ṣeré. Onílé kò gbọ́. Jíìkì kò pa ẹyin náà, ẹ má fi owó ṣòfò, ó sì lè wà láàyè nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Tí ikùn ọmọ bá wú, tó ń bì, tí kò sì lè ṣu, ẹ má fún un lóògùn aràn nílé, torí wọ́n lè ti dí ìfun. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni tó bá ń mí ju 40 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan nígbà tó dákẹ́, tàbí tí awọ ìsàlẹ̀ àyà rẹ̀ bá ń wọlé bó ṣe ń mí. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ aràn mọ́, ẹ lọ lónìí.

Bí kò bá sí èyí, ẹ lọ ka ẹ̀jẹ̀. Ọjọ́ 9 sẹ́yìn ni ikọ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ ka oṣù mẹ́ta láti ọjọ́ náà, ẹ kọ ọ́ sára kàlẹ́ńdà, ẹ ṣe àyẹ̀wò ìgbẹ́ míràn lọ́jọ́ yẹn, kódà bí wọ́n bá ti fún un lóògùn aràn lóṣù yìí.