Èsì: Ojú dúdú ní ìka ẹsẹ̀ ọmọ

"Ẹ jọ̀ọ́, nǹkan funfun kan wú sí ìka ẹsẹ̀ ọmọ mi ní Kuje níbí, ojú dúdú wà láàárín rẹ̀. Ṣé kí n fi abẹ́rẹ́ tú u?"

Ẹ dúró ná, ìyá wa. Jìgá ló jọ. Abo rẹ̀ ló máa ń wọ inú awọ. Ó ń mu ẹ̀jẹ̀, ẹyin á kún ikùn rẹ̀ títí yóò fi tó hóró ẹ̀wà láàárín bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Ojú dúdú yẹn, ìdí jìgá náà ni: ibẹ̀ ló ń gbà mí, ibẹ̀ náà ló ń gbà yé ẹyin síta.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní Gwagwalada fi ẹ̀gún tú tirẹ̀ (ọmọkùnrin, ẹ mọ̀ wọ́n). Ikùn jìgá bẹ́, ìdajì rẹ̀ kù sínú. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ìka ti wú, ọyún ń jáde.

Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù. Nọ́ọ̀sì á fọ ibẹ̀, á fi abẹ́rẹ́ tuntun fẹ ojú ihò náà díẹ̀díẹ̀, á sì yọ jìgá náà lódindi. Ẹ bi wọ́n nípa abẹ́rẹ́ àjẹsára tẹ́tánọ́ọ̀sì, torí ihò bẹ́ẹ̀ ni àrùn náà ń gbà wọlé. Bí àbúrò rẹ̀ bá ní jìgá, abẹ́rẹ́ mìíràn ni kí wọ́n fi yọ tirẹ̀ o.