Bíbéèrè àwọn tó máa jókòó níbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò

Ìbéèrè: Wọ́n ní kí n wá síwájú ìgbìmọ̀ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò iṣẹ́. Ṣé mo lè béèrè àwọn tó máa wà níbẹ̀ àti bó ṣe máa lọ?

Ìdáhùn: Bẹ́ẹ̀ ni, inú ímeèlì tí ẹ máa fi sọ pé ẹ ń bọ̀ ni kí ẹ ti béèrè. Ẹ kọ́kọ́ fìdí ọjọ́ àti aago múlẹ̀, torí ohun tí wọ́n ń dúró dè nìyẹn:

“Ẹ ṣeun fún ìpè yín. Màá wà níbẹ̀ ní aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni àwọn tó máa wà nínú ìgbìmọ̀ náà, kí sì ni ipò wọn? Ṣé ìbéèrè nìkan ni, àbí ìdánwò tún wà níbẹ̀?”

Ipò wọn wúlò ju orúkọ lọ: bí ọ̀gá ẹ̀ka ìṣirò owó bá wà níbẹ̀, ẹ máa mọ̀ pé ìbéèrè nípa owó ń bọ̀. Àwọn ibi iṣẹ́ kan, pàápàá ti ìjọba, lè má dárúkọ ẹnikẹ́ni, kí ẹnikẹ́ni má baà lọ bá wọn ṣáájú. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ má tẹnu mọ́ orúkọ. Ẹ béèrè iye èèyàn àti bó ṣe máa pẹ́ tó.