Ìgò kan ń tètè tán, èkejì kò tán

Ìbéèrè: Ẹ káàsán, dókítà. Oògùn ojú méjì ni wọ́n kọ fún màmá mi nítorí gulokóòmà. Tímólóòlù ni ti àárọ̀ àti alẹ́, latanopuróòsì ni ti alẹ́ nìkan, ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan sí ojú méjèèjì. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni ìgò tímólóòlù fi ń tán. Ìgò latanopuróòsì tí a ṣí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án sẹ́yìn ṣì kù, ọjọ́ tó wà lára páálí rẹ̀ sì jìnnà. Ṣé kí wọ́n máa lò ó lọ? Ìṣẹ́jú mélòó ló yẹ kó wà láàárín méjèèjì? Wọ́n máa ń kán wọn tẹ̀léra kí wọ́n lè tètè sùn. Ìyá Ìbejì, Súrùlérè.

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, apòògùn ni mí o, àmọ́ ní Èbúté Mẹ́ta níbí, ẹni tó bá ti dúró lẹ́yìn káńtà oògùn, dókítà ni. Mo ti gbà á bẹ́ẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ju latanopuróòsì yẹn nù, kí ẹ sì ra tuntun kí ilẹ̀ tó ṣú, torí a ò fẹ́ kí màmá fo alẹ́ kan. Ìgò tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣí ni ọjọ́ ara páálí wà fún. Bí a bá ti ṣí i, òǹkà mìíràn bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni fún ọ̀pọ̀ oògùn ojú inú ìgò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé inú páálí latanopuróòsì mìíràn gbà wá láyè dé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Mẹ́sàn-án ti kọjá méjèèjì. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ṣí tuntun, ẹ fi báírò kọ ọjọ́ náà sára ìgò, ẹ má kọ ọ́ sára páálí, torí páálí kì í pẹ́ sọnù.

Ṣùgbọ́n ìgò méjèèjì yẹn tún ń rojọ́ mìíràn. Ìgò latanopuróòsì jẹ́ mílílítà 2.5, ó sì máa ń ní nǹkan bí ẹ̀kán 80. Ẹ̀kán méjì lálẹ́ kan, ogójì alẹ́ ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án jẹ́ alẹ́ 63. Bí màmá bá ń kán an lálaalẹ́, ìgò yẹn ì bá ti gbẹ tipẹ́. A jẹ́ pé alẹ́ tí wọ́n ń fò kì í ṣe kékeré. Ẹ má bá wọn jà. Ẹ rọra bi wọ́n. Ọ̀pọ̀ gulokóòmà kì í dunni, kò sí ohun tó ń rán èèyàn létí pé òun fo oògùn, ṣùgbọ́n ìríran tó bá ti bá a lọ kì í padà.

Ti tímólóòlù ni òdìkejì. Mílílítà 5 máa ń ní nǹkan bí ẹ̀kán 100 sí 150. Mẹ́rin ni wọ́n ń lò lójúmọ́, nítorí náà ọ̀sẹ̀ méjì kò yẹ kó gbà ju ẹ̀kán 56 lọ. Ó hàn pé wọ́n ń kán méjì-méjì, tàbí kí ìdajì máa bọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ ni pé ojú kò lè gba ẹ̀kán kan odindi tán. Ìyókù a ṣàn jáde, tàbí kó gba ihò tín-ín-rín tó wà ní igun ojú lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú lọ sí ọ̀fun. Ìdí nìyẹn tí oògùn ojú fi máa ń korò lọ́fun. Ẹ̀kán kejì ń ṣan àkọ́kọ́ dànù ni.

Ohun kan náà ló fi burú kí wọ́n kán oògùn méjèèjì tẹ̀léra. Èyí tó kẹ́yìn yóò ṣan èyí tó ṣáájú dànù, owó àkọ́kọ́ yóò sì ṣòfò. Ìṣẹ́jú márùn-ún ló kéré jù. Mẹ́wàá ló tẹ́ mi lọ́rùn. Torí pé oorun ló ń kánjú màmá, ẹ jẹ́ kí tímólóòlù wà fún aago mẹ́jọ alẹ́, lẹ́yìn oúnjẹ, kí latanopuróòsì sì dúró de ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ dùbúlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni a ò ní máa wo aago. Bí wọ́n bá gbàgbé ti alẹ́ kan, kí wọ́n má ṣe kán an lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kejì.

Bí wọ́n yóò ṣe kán an nìyí. Kí wọ́n fi ọṣẹ fọ ọwọ́, kí wọ́n dùbúlẹ̀ tàbí gbé ojú sókè, kí wọ́n fi ìka kan fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ kó dà bí àpò kékeré. Ẹ̀kán kan bọ́ sínú àpò yẹn, ó tó. Kí wọ́n rọra pa ojú dé, kí wọ́n má fún un pọ̀, kí wọ́n má sì máa ṣẹ́ ẹ, kí wọ́n wá fi ìka tẹ igun ojú lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú fún ìṣẹ́jú méjì. Tímólóòlù tó bá gba ihò yẹn wọ inú ara lè dẹ ọkàn lọ́wọ́ tàbí kó ta ikọ́ fée jí. Bí màmá bá ní ikọ́ fée, tàbí tí èémí wọn bá ń há, ẹ sọ fún dókítà ojú wọn kíákíá. Bí ọwọ́ wọn bá ń gbọ̀n, kí wọ́n dùbúlẹ̀, pa ojú dé, kí ẹ kán an sí igun ojú lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú, kí wọ́n wá la ojú kó lè wọlé.

Ẹnu ìgò kò gbọ́dọ̀ kan ìpéǹpéjú, irun rẹ̀, tàbí ìka. Tí a bá tẹ ìgò, tí a tún dẹ̀ ẹ́, ó ń fa nǹkan padà sínú, ohunkóhun tó bá wà lẹ́nu rẹ̀ sì ń bá a wọlé. Oògùn apakòkòrò tó wà nínú rẹ̀ ń ṣe gudugudu méje, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ ní ìwọ̀n. Ìgò tó ti kó kòkòrò lè mọ́ gaara bí omi òjò, nítorí náà ẹ má fi ojú lásán dá a láre; bí oògùn inú rẹ̀ bá sì ti rú tàbí tó ní nǹkan tó ń léfòó, ìdánù ni. Ẹ má fi omi tàbí aṣọ nu ẹnu rẹ̀. Bàbá náà kò gbọ́dọ̀ yá a lò.

Latanopuróòsì tuntun máa ń gbé inú fìríìjì, ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì 2 sí 8, kì í ṣe inú fírísà. Tí ẹ bá ń rà á ní Ìdúmọ̀tà, ẹ wo ibi tí olùtajà ti mú un jáde, kí ẹ sì ka páálí, torí àwọn kan wà tí kò nílò fìríìjì. Lẹ́yìn ṣíṣí, ọ̀pọ̀ wọn lè wà níta tí kò bá kọjá 25, ṣùgbọ́n yàrá Èkó lọ́sàn-án sábà máa ń gbóná kọjá bẹ́ẹ̀. Ẹnu ilẹ̀kùn fìríìjì ló dára, bí iná bá tilẹ̀ ń lọ tó ń bọ̀. Ẹ má fi sínú mọ́tò.

Bí ojú màmá bá pọ́n tó ń dùn wọ́n, tó ń ṣe ipin tàbí tí ìmọ́lẹ̀ ń gún un, ẹ mú wọn lọ sí ẹ̀ka ojú nílé ìwòsàn ńlá Ìdí-Àràbà lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì kó ìgò méjèèjì dání.